Ẹ̀yin Tíṣà, Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Rò Ó Kí Wọ́n Tó Sọ Ọ́

Lónìí, ẹ̀yin tíṣà tó wà láàárín wa ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń yọ̀ǹda Sátidé yín láti kọ́ àwọn ọmọ wa ní lẹ́sìn ọ̀fẹ́. Òbí tó bá fẹ́ kà á, kó kà á, torí ọ̀rọ̀ ọmọ tiẹ̀ náà ni. Ó máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Mo ti wo lẹ́sìn nóòtì tó pọ̀ tí ẹ̀ ń kọ. Ẹ kọ wọ́n dáadáa, ìlà wọn gún, ìwé wọn mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣí i lọ, nǹkan kan náà ni mò ń rí. Ìṣẹ́jú 40 ni kíláàsì. Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, tíṣà á ṣe ìfáàrà. Ìṣẹ́jú 25, tíṣà á ṣàlàyé. Ìṣẹ́jú 5, tíṣà á béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo kíláàsì á pariwo pé, "Bẹ́ẹ̀ ni sà!" Ìṣẹ́jú 5 tó kù, wọ́n á da ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù kọ sínú ìwé. Ó parí. Ẹ wá bá mi ka iye ìgbà tí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn fi orí ara rẹ̀ ro nǹkan, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, nínú gbogbo ìṣẹ́jú 40 yẹn. Òdo ni.

Ẹ má jẹ́ kí "Bẹ́ẹ̀ ni sà" yẹn tàn yín jẹ. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ó yé wọn. Ilé la ti kọ́ wọn. Ọmọ tiwa tó bá dìde láàárín ọgọ́ta ojúgbà tó ní "Kò yé mi sà", àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á sì máa bẹ̀rù pé tíṣà á rò pé òun ń wo òun lójú ni. Torí náà, tí ẹ bá béèrè pé ṣé ó yé wọn, ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni "Ṣé ẹ ń bọ̀wọ̀ fún mi?" Wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún yín lóòótọ́. Ọjọ́ ìdánwò ni ẹ̀yin àti àwọn tó ó mọ̀ pé ìbọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí òye.

Èrò tèmi rèé. Kí tíṣà máa ṣàlàyé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ọmọ kò gbọ́ rí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un. Ohun tí kò dára ni kí a sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 25 lọ gbọrọgbọrọ láì dúró wo ẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ń bá wa bọ̀. Ẹ má da àlàyé yín nù. Ẹ gé e sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ wá ki iṣẹ́ kékeré kan bọ àárín rẹ̀, èyí tí gbogbo ọmọ máa ṣe, tí kò sẹ́ni tó lè sá fún un.

Iṣẹ́ kékeré yẹn ti lórúkọ. Ọ̀gbẹ́ni Frank Lyman ti Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1981, àwọn olùkọ́ sì ti ń lò ó káàkiri ayé láti ìgbà náà. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni. Èmi ń pè é ní Rò ó, Bá ẹnìkejì rẹ sọ ọ́, Sọ ọ́ fún gbogbo wa. Tíṣà á béèrè ìbéèrè kan. Lákọ̀ọ́kọ́, olúkúlùkù á dákẹ́, á rò ó fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni méjì tó jókòó tira wọn á sọ èrò wọn fún ara wọn. Níkẹyìn, tíṣà á pe àwọn kan kí wọ́n sọ ọ́ sétí gbogbo kíláàsì.

Ẹlòmíràn á ní, "Pásítọ̀, ìyẹn náà nìyẹn? Èmi ti ń ṣe é. Mo máa ń ní kí wọ́n jíròrò." Ẹ dúró ná. Ọ̀pọ̀ tíṣà tó sọ pé àwọn ń ṣe é, ìṣísẹ̀ kejì ni wọ́n ń ṣe, wọ́n fo àkọ́kọ́. Wọ́n béèrè ìbéèrè tán, ó di "Ó yá, ẹ máa bá ara yín sọ̀rọ̀." Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọmọ tó yára lẹ́nu ti sọ ìdáhùn jáde kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Èkejì ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe rò ó." Irọ́ ni, kò rò ó. Ẹ ṣì ní ọmọ kan tó ń ronú àti ọmọ kan tó ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni". Ẹ kàn gbé "Bẹ́ẹ̀ ni sà" kúrò níwájú bọ́ọ̀dù lọ sórí bẹ́ǹṣì ni.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọkàn gbogbo rẹ̀. Obìnrin ọ̀mọ̀wé kan wà ní Amẹ́ríkà, Mary Budd Rowe, tó lo ọdún púpọ̀ láti máa gbọ́ bí àwọn tíṣà ṣe ń kọ́ni. Ó rí i pé tí tíṣà bá béèrè ìbéèrè, kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó tó dáhùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tíṣà máa dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3 ó kéré tán, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn tó ń dákẹ́ láìní èsì sì dín kù. Ìṣẹ́jú àáyá 3 péré o! Ẹ wá wo ohun tí ìṣẹ́jú kan gbáko pẹ̀lú bírò lọ́wọ́ lè ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kọ́ kan, ká tò ó látòkè délẹ̀. Ìṣirò ni, kíláàsì kejì ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré, ọmọ 60, mẹ́ta mẹ́ta tàbí méjì méjì lórí bẹ́ǹṣì. Pásẹ́ǹtì la fẹ́ kọ́ wọn: bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i àti bó ṣe ń wálẹ̀.

Ìṣẹ́jú 3 àkọ́kọ́, ẹ rán wọn létí ohun tí wọ́n ti mọ̀. Pásẹ́ǹtì 10 nínú 1,000 náírà jẹ́ 100 náírà, nítorí náà pásẹ́ǹtì 20 jẹ́ 200. Ìṣẹ́jú 7 tó tẹ̀ lé e, ẹ ṣàlàyé lójú bọ́ọ̀dù bí a ṣe ń fi pásẹ́ǹtì kún owó ọjà àti bí a ṣe ń yọ ọ́ kúrò, ẹ ṣe àpẹẹrẹ kan ti ìkún àti kan ti ìyọkúrò. Ẹ ti lo ìṣẹ́jú 10. Ẹ dá ẹnu dúró níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu yín, ṣùgbọ́n ẹ dá a dúró.

Ẹ wá kọ ìbéèrè yìí sójú bọ́ọ̀dù: Ìyá oníṣòwò kan ń ta ẹ̀wà kan ní 1,000 náírà. Ó fi pásẹ́ǹtì 20 lé owó rẹ̀. Ọjà ò yá, ló bá yọ pásẹ́ǹtì 20 kúrò nínú owó tuntun yẹn. Èló ló ń tà á báyìí? Ìdáhùn kìíní, ó padà sí 1,000. Ìdáhùn kejì, ó dín sí 1,000. Ìdáhùn kẹta, ó lé ní 1,000.

Ìṣẹ́jú 2, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Kí olúkúlùkù kọ nọ́ńbà ìdáhùn tó mú sínú ìwé rẹ̀, kó sì kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ o, torí ohun tó wà nínú ìwé kò ṣeé yí padà nígbà tí ẹnìkejì bá sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo wọn fi ìka hàn lẹ́ẹ̀kan náà níwájú àyà wọn: ìka 1, 2 tàbí 3. Níwájú àyà ni mo wí, kì í ṣe lókè orí, kí wọ́n má baà máa wo ti ara wọn.

Ẹ fojú kà á. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ràn ohun tí àwọn tó ń lo ọ̀nà Eric Mazur ń ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ni Mazur ní Yunifásítì Harvard, láti nǹkan bí 1991 ló ti ń fi irú ìbéèrè báyìí gé àlàyé rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ìlànà wọn ni pé tí àwọn tó gbà á kò bá tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ má tíì ní kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, torí afọ́jú á kàn máa fọ̀nà han afọ́jú ni. Ẹ padà ṣàlàyé lọ́nà mìíràn. Tí wọ́n bá lé ní 70, ẹ ṣàlàyé ṣókí kí ẹ máa lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Tó bá wà láàárín méjèèjì ni ọ̀rọ̀ àjọsọ á so èso. Nínú ọmọ 60, ìyẹn ni pé kí ẹ máa wá láti 18 sí 42 tó mú ìdáhùn tó tọ́. Kò pọn dandan kí ẹ kà á ní géérégé, ojú yín á sọ fún yín.

Nínú irú ìbéèrè yìí, àwọn tó pọ̀ á na ìka kan. Lójú tiwọn, ẹni tó fi 20 kún un tó tún yọ 20, ibi tó ti gbéra náà ló padà sí. Àwọn díẹ̀ á na ìka méjì. Ohun tí a fẹ́ gan-an nìyẹn, kí èrò méjì pàdé lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ìṣẹ́jú 3, kí wọ́n bá ẹnìkejì wọn sọ ọ́. Ẹ sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ ní, "Ẹni tó wà lápá fèrèsé ló máa bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkejì, gbọ́ ọ tán, kó o tó sọ tìrẹ." Bí wọ́n bá mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì, kí àwọn mẹ́ta jọ ṣe é. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe kí wọ́n sọ nọ́ńbà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n sọ ìdí, kí wọ́n sì gbìyànjú láti gbà lórí ẹyọ kan. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ má jókòó, ẹ má sì fi àsìkò yẹn sàmì ìwé. Ẹ rìn láàárín wọn, ẹ tẹ́tí. Ẹ gbọ́ ọmọ kan tó ṣì í àti ọmọ kan tó gbà á, ẹ fi wọ́n sọ́kàn, torí àwọn lẹ máa pè.

Ìṣẹ́jú 5, sísọ fún gbogbo ilé. Ẹ pe èyí tó ṣì í kọ́kọ́. Ẹ má béèrè pé, "Kí ni ìdáhùn rẹ?" Ẹ bi í pé, "Kí ni ẹnìkejì rẹ sọ, kí ló sì fi jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ohun méjì ni ìbéèrè yẹn ń ṣe. Ó ń mú kí ọmọ tẹ́tí sí ẹlòmíràn, torí kò mọ ìgbà tí wọ́n á pe òun. Ó sì ń gba ìtìjú kúrò, torí bí ó bá ṣì í, kì í ṣe òun nìkan ló ṣì í. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù láì sọ pé ó gbà á tàbí kò gbà á. Ojú yín kò gbọdọ̀ yí padà. Ẹ wá pe èkejì. Ó lè sọ pé, "Sà, pásẹ́ǹtì 20 àkọ́kọ́, nínú 1,000 ni, 200 ni. Pásẹ́ǹtì 20 kejì, nínú 1,200 ni, 240 ni." Ẹ kọ tiẹ̀ náà. Ẹ ní kí wọ́n tún fi ìka hàn. Ẹ ó rí i bí ìka kan ṣe ń di ìka méjì káàkiri kíláàsì.

Ìgbà yìí ni kí ẹ ṣàlàyé, ìṣẹ́jú 5. 1,000 di 1,200. 1,200 yọ 240, ó ku 960. Ìyá wa pàdánù 40 náírà sí iye tó ń tà á tẹ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé nǹkan tí à ń mú pásẹ́ǹtì nínú rẹ̀ ti yí padà. Gbólóhùn yẹn gan-an lẹ bá fi ìṣẹ́jú 25 sọ tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ ni pé báyìí, etí wọn ti là sílẹ̀. Ọmọ tó ti tẹ́ èrò rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìwé, tó sì ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà lé e lórí, ó fẹ́ mọ̀.

Ẹ ti lo ìṣẹ́jú 25. Ẹ fi ìṣẹ́jú 8 ṣe ẹ̀yà kejì rẹ̀, kíákíá: tí ìyá yẹn bá kọ́kọ́ yọ pásẹ́ǹtì 20 kúrò ńkọ́, kó tó wá fi pásẹ́ǹtì 20 lé èyí tó kù? Púpọ̀ á rò pé yóò lé ní 1,000 lọ́tẹ̀ yìí. 1,000 di 800. Pásẹ́ǹtì 20 nínú 800 jẹ́ 160. 960 náà ló padà sí. Ẹ jẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu.

Ìṣẹ́jú 5 tó kàn, kò sí ẹnìkejì mọ́. Olúkúlùkù á dá ṣe é sórí bébà kékeré: ọjà 2,000 náírà, fi pásẹ́ǹtì 10 kún un, kó o wá yọ pásẹ́ǹtì 10 kúrò nínú owó tuntun. 1,980 ni. Ẹ gba bébà náà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má fo èyí, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹni méjì bá jọ sọ ọ̀rọ̀ tán, ó lè dà bíi pé ó yé àwọn méjèèjì, nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ló gbé èkejì kọjá odò. Bébà yẹn ló máa fi ẹni tó lè dá wẹ̀ hàn yín. Ìṣẹ́jú 2 tó ṣẹ́kù, ẹ fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ṣé ẹ rí i? Tíṣà ṣì ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ 60 ló sọ̀rọ̀. Ẹ fi ìyẹn wé kí a máa pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan: bí olúkúlùkù bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan péré, ìṣẹ́jú 60 ni, aago á ti lù kọjá. Méjì méjì, ìṣẹ́jú 2 ti tó fún gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kíláàsì tó kún fọ́fọ́ gan-an ló nílò rẹ̀ jù. Ẹ ò ní gbé àga, ẹ ò ní tò tábìlì. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni náà ni.

Àwọn nǹkan tó máa ń bà á jẹ́ ńkọ́? Àkọ́kọ́ ni ìbéèrè tí kò lẹ́gungun. "Kí ni ìtumọ̀ pásẹ́ǹtì?" kì í ṣe ìbéèrè fún ẹni méjì. Yálà o mọ̀ ọ́n tàbí o ò mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè tó dára ni èyí tí ọmọ tó ní làákàyè lè ṣì, tí àṣìṣe náà sì ní ìdí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sàmì ìwé wọn láti ọdún yìí wá, ẹ mọ ibi tí wọ́n ti máa ń kọsẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé ìbéèrè yín sí.

Èkejì ni àsìkò tó gùn jù. Ìṣẹ́jú 10 fún ìbéèrè ìṣẹ́jú 3, bọ́ọ̀lù ni wọ́n á fi parí rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ariwo wọn. Ó máa ń ròkè, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Bó bá ti ń wálẹ̀, ẹ dá a dúró, àní bí àwọn kan kò bá tíì parí. Ẹ ti bá wọn mọ àmì kan ṣáájú: ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹni tó bá rí i á gbé tirẹ̀ sókè, á sì dákẹ́. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ wọn ní àmì yẹn nìkan. Láìsí i, pírínsípà á wá síbẹ̀ wá béèrè bóyá tíṣà wà ní kíláàsì.

Ẹ̀kẹta ni kí ẹ ní kí gbogbo bẹ́ǹṣì dìde wá ròyìn. Mẹ́ta tó. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, wọ́n á máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ ni, oorun á sì padà dé.

Ọ̀nà mìíràn wà tí mo rò pé ó dára fún àtúnyẹ̀wò ṣáájú ìdánwò. Àwọn tó ń lo iṣẹ́ Spencer Kagan mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ kó àwọn ọmọ sí mẹ́rin mẹ́rin, bẹ́ǹṣì iwájú á kàn yíjú sẹ́yìn. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà, 1 sí 4. Ẹ béèrè ìbéèrè, kí wọ́n forí kora, kí wọ́n rí i pé gbogbo wọn mọ ìdáhùn. Ẹ wá pe nọ́ńbà: "Gbogbo nọ́ńbà 3, ẹ dìde!" Kò sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà tí ẹ máa pè, torí náà olórí pípé kò lè dá dáhùn fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn tó kù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Mo mọ ohun tó kù lọ́kàn yín: "Pásítọ̀, sílábọ́ọ̀sì ò ní parí." Òótọ́ ni pé ó ń gba àsìkò. Nínú àpẹẹrẹ tí mo ṣe yẹn, àlàyé tí ẹ dín kù tó ìṣẹ́jú 10. Ohun kan gbọ́dọ̀ yọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ lè fi iṣẹ́ tuntun kún nóòtì àtijọ́ kó ṣì wọ inú ìṣẹ́jú 40. Ẹ yọ dída nóòtì kọ láti ojú bọ́ọ̀dù. Ó wà nínú ìwé wọn. Ẹ yọ àpẹẹrẹ kẹta àti ìkẹrin tó jọ àkọ́kọ́. Ẹ má sì ṣe é lórí gbogbo ẹ̀kọ́. Bí wọ́n ṣe ń di kọ́ḿpáàsì mú láti ya igun, ẹ fi hàn wọ́n, kí wọ́n ṣe é; kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó ní ibi ìkọsẹ̀ ni kí ẹ lò ó fún. Ní ti sílábọ́ọ̀sì, tíṣà ló ń parí rẹ̀ tí àwọn ọmọ kò bá bá a dé òpin. Ṣé a lè pe ìyẹn ní píparí?

Torí náà, ẹ má ya gbogbo nóòtì yín dànù lálẹ́ òní. Ẹ mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi bírò pupa fa ìlà sí ibi tí ìṣẹ́jú 10 àlàyé yín bá dé. Ẹ kọ ìbéèrè kan síbẹ̀, èyí tí ẹ mọ̀ pé ìdajì kíláàsì lè ṣì. Ẹ kọ "Ìṣẹ́jú 2, ìdákẹ́jẹ́" sí abẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí ẹnu bá ń yún yín láti dáhùn ìbéèrè ara yín, ẹ kọjú sí fèrèsé, kí ẹ máa ka 1, 2, 3 títí á fi pé.

Olúwa á fún yín ní sùúrù ìṣẹ́jú méjì yẹn. Òun gan-an ló le jù.